Agbádá Kọ́kọ́ Bọ́: Ibi Tí Òfin Ẹ̀wọ̀n Ti Ń Da Àwọn Ọmọ Láàmú

Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́ gbé ìwé rẹ̀ síwájú mi. Wọ́n ní kó wá díríféétífì, ìyẹn ìyára tí nǹkan fi ń yí padà, fún èyí:

```
e^(sin(x^2))
```

Ohun tó kọ ni 2x · e^(cos(x^2)). Ó ní, "Tíṣà, sáìnì ti di kọ́sáìnì, x^2 ti di 2x. Kí ló tún kù?" Òótọ́ ni méjèèjì tó sọ. Ibi tó gbé kọ́sáìnì sí ni kò tọ̀nà.

Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tó wọ bùbá lé e, tó tún gbé agbádá wọ̀. Bó bá fẹ́ bọ́ṣọ, agbádá ló máa kọ́kọ́ bọ́, bùbá á ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe wà. Nínú ìṣirò yìí, e ni agbádá, sáìnì ni bùbá, x^2 ni síńgílẹ́ẹ̀tì. Òfin ẹ̀wọ̀n ní ká bọ́ wọn láti òde wá sínú, ká má fọwọ́ kan èyí tó wà nísàlẹ̀ títí yóò fi kàn án, ká wá fi ohun tí a rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan sọ ara wọn di púpọ̀.

Bí a bá bọ́ e, e náà ni a óò tún rí, nítorí díríféétífì rẹ̀ kì í yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀: e^(sin(x^2)), sáìnì ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá bọ́ sáìnì, a rí cos(x^2). Bí a bá bọ́ x^2, a rí 2x. Ìdáhùn wá di:

```
2x · cos(x^2) · e^(sin(x^2))
```

Ọmọ mi ti tọwọ́ bọ abẹ́ agbádá, ó ti yí bùbá padà kó tó kàn án. Àwọn mìíràn máa ń kọ cos(2x) dípò cos(x^2). Èyí tí mo sì ń rí jù ni kí ọmọ ṣe dáadáa dé cos(x^2), kó gbàgbé 2x, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, ìdáhùn náà sì ti dà bí èyí tó pé.

Bí a ṣe lè mọ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ mú x = 1. Ẹ fi kakuléètọ̀ ṣí iye iṣẹ́ náà ní 1.001, ẹ óò rí 2.322282. Ẹ ṣí i ní 0.999, ẹ óò rí 2.317269. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, ẹ fi 0.002 pín in, ó di nǹkan bíi 2.507. Ìdáhùn tó tọ́ náà fún wa ní 2.507 bí a bá fi 1 sípò x. Ti ọmọ mi fún wa ní 3.433. Èyí tó ní cos(2x) tiẹ̀ jẹ́ -1.931. Èyí tí kò ní 2x jẹ́ 1.253, ìyẹn ìdajì gẹ́lẹ́, ìdajì yẹn ló sì ń tọ́ka sí ohun tó sọnù.

Kakuléètọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní rédíánì o. Bí ẹ bá fi 1 sípò x tí ẹ sì rí 1.0176 dípò 2.3198, dígírì ló wà, gbogbo àyẹ̀wò yín á sì dàrú.

A tún lè yẹ̀ ẹ́ wò láìfọwọ́ kan kakuléètọ̀. Sáìnì kì í kọjá 1, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò lè kọjá e, tó jẹ́ nǹkan bíi 2.718. Ó gòkè débẹ̀ nígbà tí x fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.253, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Díríféétífì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òdo lórí òkè yẹn. Ṣùgbọ́n e tí a gbé agbára èyíkéyìí lé lórí kì í di òdo láé, nítorí náà ohun tí ọmọ mi kọ ń sọ pé gígòkè ni iṣẹ́ náà yóò máa gòkè lọ títí. Ibẹ̀ ló ti rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó kàn ṣe é ní ibi tí nọ́ńbà fi tan èèyàn jẹ. Ó mú 0.5 láti yẹ ìdáhùn tí kò ní 2x wò, ó sì bá ara mu, nítorí 2x ní 0.5 jẹ́ 1, a kò sì lè mọ̀ bóyá 1 wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Mo ní kó máa mú nọ́ńbà tí kò ní sọ ìpele kankan di 1.

Mo wá fún un ní sin(e^(3x)). Ó kọ cos(e^(3x)) · e^(3x). Ní x = 0, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 0.540. Ó ṣírò ní 0.001 àti -0.001, ó yọ, ó pín, ó rí 1.621. Ó fi 0.540 pín 1.621, ó wo ojú kakuléètọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ kọ 3 síwájú ìdáhùn rẹ̀.