Yíya Oníyípadà Sọ́tọ̀ nínú Ìdọ́gba Díférẹ́ńṣíà Onípele Kìn-ín-ní: Iye Ènìyàn Nàìjíríà Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà

Ètò ìkànìyàn oṣù kọkànlá ọdún 1991 fi hàn pé ènìyàn 88,992,220 ni ó wà ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n tún ka ènìyàn ní oṣù kẹta ọdún 2006, iye náà ti di 140,431,790. Àwọn aláṣẹ kéde pé ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni iye ènìyàn fi ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ 3.2 yìí sórí, ṣùgbọ́n tí a bá bi wọ́n pé báwo ni ó ṣe jẹ yọ láti inú iye méjèèjì, ẹnu wọn a wọhò. Ìdọ́gba díférẹ́ńṣíà ni ó tú u.

Kíkọ ìdọ́gba náà

Jẹ́ kí P dúró fún iye ènìyàn, kí t sì dúró fún àkókò ní ọdún. Bí ènìyàn bá ti pọ̀ tó ni ìbí àti ikú ṣe ń pọ̀ tó. Ìyára tí P fi ń yí padà bá P fúnra rẹ̀ mu nìyẹn:

dP/dt = kP

Aláìyípadà ni k. Òun ni ìwọ̀n ìbí lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìwọ̀n ikú kúrò, tí a sì gbà pé iye àwọn tó ń wọ̀lú àti iye àwọn tó ń jáde dọ́gba. Onípele kìn-ín-ní ni ìdọ́gba yìí, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a wá ìyípadà P.

Oníyípadà méjì, P àti t, ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà yìí ni láti kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti P sí apá kan, kí a kó ti t sí apá kejì. A fi P pín apá méjèèjì:

(1/P) dP = k dt

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò níbí. A kò lè fi òdo pín nǹkan, nítorí náà P = 0 ti bọ́ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ojútùú ni òun náà: ìlú tí kò ní ènìyàn kankan kò ní fi ìbí pọ̀ sí i. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó tẹ̀ síwájú.

Tí a bá wá íńtígírà apá méjèèjì, tí a sì rántí pé iye ènìyàn kì í dín sí òdo, a ó rí:

ln P = kt + C

Ibi tí C wà yìí ṣe pàtàkì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìdánwò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a gbàgbé C, a yọ lọ́gárítìmù kúrò, a wá padà lẹ C mọ́ ìparí, tí yóò fi di P = e^(kt) + C. Kò ṣòro láti mọ̀ pé kò tọ̀nà. Tí a bá dá a padà sínú ìdọ́gba, apá òsì yóò jẹ́ ke^(kt), apá ọ̀tún yóò sì jẹ́ ke^(kt) + kC; wọn kò dọ́gba àfi tí C bá jẹ́ òdo. Èyí tó tọ̀nà ni P = e^C · e^(kt). Níwọ̀n bí P ti jẹ́ P₀ nígbà tí t jẹ́ òdo, e^C kò ju P₀ lọ:

P = P₀e^(kt)

Wíwá k

Láti ìparí ọdún 1991 sí oṣù kẹta ọdún 2006 jẹ́ ọdún 14.3. Tí a bá fi iye 1991 pín iye 2006, a ó rí 1.578, tí lọ́gárítìmù rẹ̀ jẹ́ 0.4562. Nítorí náà:

k = 0.4562 ÷ 14.3 = 0.0319

Ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún náà nìyí. Ẹni tí ó bá kàn yọ 1991 kúrò nínú 2006, tí ó sì lo ọdún 15, yóò rí 0.0304, yóò sì rò pé àwọn aláṣẹ ló ṣì í ṣírò. Oṣù tí wọ́n ka ènìyàn ló fa ìyàtọ̀ náà. Pẹ̀lú k yìí, iye ènìyàn yóò di ìlọ́po méjì láàárín ln 2 ÷ 0.0319, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọdún 21.7.

Dídán ojútùú náà wò

Pé ìṣirò tọ̀nà kò sọ pé k kò yí padà rí. A lè fi ìkànìyàn oṣù kọkànlá ọdún 1963 dán an wò. Ọdún 28 ni ó fi ṣáájú ti 1991, nítorí náà t = −28. Ojútùú wa sọ pé iye ènìyàn nígbà náà yẹ kí ó jẹ́ 88.99 × e^(−0.893), tí í ṣe mílíọ̀nù 36.4. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 55.67 ni wọ́n kéde ní 1963. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún kì í ṣe ohun kékeré.

Tí a bá wá k láàárín 1963 àti 1991 nìkan, 0.0168 ni a ó rí, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ìdajì ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣòro láti gbà pé ìbí àti ikú nìkan ló sọ ìwọ̀n yìí di ìlọ́po méjì lójijì. Ó ṣe é ṣe kí k ti yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó sì ṣe é ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn kíkà náà má péye, nítorí àríyànjiyàn ńlá ló bá ti 1963 rìn, wọ́n sì fagi lé ti 1973 pátápátá. Ìdọ́gba náà kò lè dárúkọ kíkà tó ní àbùkù. Ohun tí ó fi hàn ni pé kíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè jókòó sórí k kan ṣoṣo.