Ohun Tó Yẹ Kó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́ńbà

Ká ní iléeṣẹ́ kan ní ogójì òṣìṣẹ́, tí ìwé àdéhùn wọn kò sì bára mu. Kọ̀ǹpútà lè kó iye nótíìsì, gígùn àkókò ìdánwò àti ohun tó lè mú kí wọ́n dá èèyàn dúró jáde lára gbogbo rẹ̀ sórí àtẹ kan. Á kọ́kọ́ sọ àwòrán ìwé di ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà, á gé e sí abala-abala, á wá abala tó kan ohun tí a bèèrè, á sì kọ èsì sínú àpótí tirẹ̀. Èmi ò lè gbára lé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ àfi tí gbólóhùn tí èsì ti wá, pẹ̀lú ojú ìwé rẹ̀, bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì náà.

Ẹ wo ìwé kan. Abala kẹrin ní òṣìṣẹ́ á lo oṣù 6 fún ìdánwò, àti pé láàárín ìgbà yẹn, nótíìsì ọ̀sẹ̀ 1 ti tó. Abala kọkànlá ní tí wọ́n bá ti kọnfáàmù rẹ̀, nótíìsì di oṣù 1, tàbí kí wọ́n san owó oṣù kan dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá dúró síbi tó ti kọ́kọ́ rí "nótíìsì" á kọ ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í fura. Àmọ́ tí gbólóhùn "láàárín àkókò ìdánwò" bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àṣìṣe náà hàn kedere. Òpó méjì ló yẹ nótíìsì, ọ̀kan fún ìgbà ìdánwò, ọ̀kan fún ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwé mìíràn kò tiẹ̀ mẹ́nu ba nótíìsì. Ẹ̀rọ lè fi oṣù 1 dí àlàfo náà nítorí pé òun ló wọ́pọ̀. Àmọ́ lábẹ́ abala 11 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ 2 ni ti ẹni tó ti lo ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 5. Síbẹ̀ òfin yẹn kò kan ọ̀gá àti àwọn amọṣẹ́dunjú, àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló wà fún. Nítorí náà, "kò sọ" ni kí ẹ̀rọ kọ, kí èèyàn tó mọ irú iṣẹ́ náà wá fi ti òfin sí òpó mìíràn.

Ẹnìkan lè ní tí èèyàn bá tún máa yẹ gbólóhùn wò, kí wá ni ẹ̀rọ ṣe? Ìwé ogójì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú ewé 12, jẹ́ ojú ewé 480; ìlà ogójì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Àtakò tó lágbára ju èyí lọ ni pé gbólóhùn tí ẹ̀rọ fò kò lè wà lórí àtẹ. Òótọ́ ni, pàápàá tí lẹ́tà ìkọnfáàmù bá ti sọ oṣù 1 di oṣù 2 tí kò sì sí nínú fáìlì tí wọ́n fún ẹ̀rọ. Kí wọ́n kó àwọn lẹ́tà mọ́ ìwé àdéhùn, kí èèyàn sì ka ìwé àdéhùn márùn-ún tán pátápátá kó tó wo àtẹ, kó wá fi èyí tó kọ wé èyí tí ẹ̀rọ kọ.