Ẹni Tó Mu Ọtí Lé Oògùn Oorun: Ẹ Má Fi Í Sílẹ̀ Pé Ó Ń Sùn

Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, Karen Ann Quinlan, ọmọbìnrin ẹni ọdún 21, lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú. Ó ti lo oògùn amáratuni, ó sì mu jíìnì lé e. Nígbà tí òòyì ń kọ́ ọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sílé kó lè sùn. Ìgbà tí wọ́n padà wò ó, kò mí mọ́. Wọ́n rí èémí rẹ̀ dá padà, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ti wà láìrí afẹ́fẹ́ pẹ́ jù. Kò ta jí títí ó fi kú lọ́dún 1985.

Ohun kan wà nínú ọpọlọ wa tí wọ́n ń pè ní gábà, tó máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀. Fálíọ́ọ̀mù àti Lẹ́sótáànì ń fi kún agbára gábà. Ọtí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fálíọ́ọ̀mù nìkan kì í sábà dá èémí àgbàlagbà tó lera dúró. Tí ọtí bá bá a pàdé, ibi tó ń pàṣẹ pé ká mí nígbà tí a bá ń sùn lè má mọ̀ mọ́ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ahọ́n lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Èébì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tó lo Fálíọ́ọ̀mù lálẹ́ àná kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára.

Àdàlù yìí tún máa ń dí ọpọlọ lọ́wọ́ láti tọ́jú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ lè wa ọkọ̀, síbẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí nǹkan kan. Ẹ má bá a jà pé ó ń purọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ó lè gbàgbé pé òun ti lo oògùn, kó tún mú òmíràn.

Tí ẹ bá pè é tí kò dáhùn, ẹ pe 112 lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tó ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó mẹ́jọ, tó ń hanrun bíi pé omi wà lọ́fun rẹ̀, tàbí tí ètè àti èékánná rẹ̀ ń yí padà sí àwọ̀ aró, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, mílíìkì tàbí kọfí, ẹ má sì da omi tútù sí i lára. Bí kò bá mí mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, kí ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn, ẹ sì sọ fún dókítà pé ó mutí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí ìtìjú fi ọtí náà pa mọ́.