Ìkòkò Omi àti Dúrọ́ọ̀mù Ògógóró: Bí A Ti Ń Ka Òmìnira Ohun Tí Ń Hó

Ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin tí ń ta oúnjẹ a máa gbé omi ẹ̀bà kaná kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí omi náà bá ti hó, ó lè koná mọ́ ọn títí. Omi yóò máa ru, yóò sì máa dín, ṣùgbọ́n tẹmómítà tí a bá tì bọ inú rẹ̀ kò ní kúrò ní nǹkan bí 100 dígírì títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ìkòkò. Ní apá etí omi Ìjẹ̀bú, lọ́nà Abígi, níbi tí igi ògùrọ̀ ti ń hù nínú àbàtà, ọkùnrin tí ń ṣe ògógóró náà a máa dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ògùrọ̀ tí ó ti kan ni ó wà nínú tirẹ̀. Bí òun náà bá ti tẹmómítà bọ inú dúrọ́ọ̀mù, yóò rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí hó kí ó tó dé 100, àti pé kò dúró lójú kan: bí oru ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n gbígbóná ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Iná kò yàtọ̀ sí iná, afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí àwọn méjèèjì kò sì yàtọ̀. Èéṣe tí ọ̀kan fi dúró gbọn-in tí èkejì sì ń rìn? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú agbára iná rárá. Inú ìṣirò kékeré kan ni ó wà, èyí tí Josiah Willard Gibbs, olùkọ́ ní Yunifásítì Yale ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn nínú iṣẹ́ gígùn kan tí ó tẹ̀ jáde láàárín ọdún 1875 àti 1878.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹni tí yóò ṣe ìṣirò yìí ní láti mọ̀ ọ́n kà. Èkíní ni ìpò. Gbogbo apá ohun kan tí ó rí bákan náà jálẹ̀jálẹ̀ jẹ́ ìpò kan, ààlà sì máa ń wà láàárín ìpò kan àti èkejì. Ègé yìnyín ogún nínú ife omi kì í ṣe ogún ìpò: ìpò kan ni gbogbo wọn, omi tí ó yí wọn ká ni ìpò kejì. Omi àti epo pupa nínú ìgò kan jẹ́ ìpò méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olómi ni àwọn méjèèjì, nítorí pé wọn kò gbà láti dàpọ̀. Ṣùgbọ́n omi àti ọtí inú ògùrọ̀ dàpọ̀ débi pé kò sí ààlà kankan láàárín wọn. Ìpò kan ni wọ́n.

Èkejì ni èròjà, èyí tí í ṣe iye ohun tí ó kéré jù lọ tí a lè fi pèsè gbogbo ìpò tí ó wà níbẹ̀. Omi jẹ́ èròjà kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé háídrójìn àti ọ́síjìn ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín tí wọ́n ní nínú yìnyín ni wọ́n ní nínú omi àti nínú oru, nítorí náà a kì í kà wọ́n sí méjì. Nínú dúrọ́ọ̀mù, omi wà, ẹ́tánọ́ọ̀lì tí í ṣe ọtí gan-an sì wà; ìpín wọn nínú oru kò sì bá ìpín wọn nínú olómi mu. Èròjà méjì ni wọ́n. Àwọn ohun kéékèèké mìíràn tí ó wà nínú ògùrọ̀ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òmìnira: iye ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn láìjẹ́ pé ìpò kankan pòórá. Àwọn ohun tí a lè yàn ni ìwọ̀n gbígbóná, agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí oru fi ń tẹ ojú olómi, tí a lè pè ní ìtẹ̀, àti ìpín èròjà nínú ìpò kọ̀ọ̀kan.

Kí a wá kà wọ́n fún omi nìkan. Nígbà tí omi àti oru rẹ̀ bá wà pọ̀, ohun méjì ni a kò tíì mọ̀: ìwọ̀n gbígbóná àti ìtẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìpín, nítorí pé omi nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdè kan wà lórí àwọn méjèèjì: bí omi ti ń tiraka láti di oru, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oru gbọ́dọ̀ máa tiraka láti padà di omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpò kan yóò jẹ èkejì run. Mú ìdè kan kúrò nínú ohun méjì, òmìnira kan ni ó kù. Afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde sì ti gba òmìnira kan náà, nítorí pé òun ni ó yan ìtẹ̀. Kò sí èyí tí ó kù fún iná láti yàn. Bí a bá koná sí i, kìkì pé omi yóò tètè di oru ni. Gbígbóná rẹ̀ kò lè pọ̀ sí i. Ní Jos, tí ó wà ní nǹkan bí 1,200 mítà lókè ojú òkun, afẹ́fẹ́ kò tẹ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ní nǹkan bí 96 dígírì ni omi ti ń hó níbẹ̀, ẹ̀wà a sì máa pẹ́ kí ó tó jinná.

Bí yìnyín bá tún wà pẹ̀lú omi àti oru, ìdè di méjì. Ohun méjì, ìdè méjì: òmìnira tán pátápátá. Ibì kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè jókòó pọ̀, èyíinì ni 0.01 dígírì, lábẹ́ ìtẹ̀ tí ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú 166 ti afẹ́fẹ́ etí òkun. Ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà ní ìlú kankan. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ òṣùwọ̀n fi yan ibẹ̀ láti ọdún 1954 títí di 2019 gẹ́gẹ́ bí òpó tí wọ́n so òṣùwọ̀n gbígbóná mọ́.

Ó kan dúrọ́ọ̀mù wàyí. Ìwọ̀n gbígbóná wà, ìtẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìpín náà ti wọ inú ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn méjì bá pín 100, ẹni tí ó mọ ìpín ọ̀kan ti mọ ìpín èkejì. Nítorí náà ohun kan péré ni a ní láti mọ̀ nípa ìpín inú olómi, àti ohun kan nípa ìpín inú oru. Àpapọ̀ ohun tí a kò mọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ìdè jẹ́ méjì: ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún ọtí, nítorí pé olúkúlùkù wọn ni lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mẹ́rin dín méjì, òmìnira méjì. Afẹ́fẹ́ gba ọ̀kan, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Òmìnira kan tí ó ṣẹ́ kù yìí ni ó jẹ́ kí tẹmómítà máa rìn.

Ìṣirò yìí ni Gibbs kó sínú ìlà kan, níbi tí F dúró fún òmìnira, C fún èròjà, P fún ìpò:

F = C − P + 2

Omi àti oru: 1 − 2 + 2 = 1. Yìnyín, omi àti oru: 1 − 3 + 2 = 0. Ọtí òun omi pẹ̀lú oru wọn: 2 − 2 + 2 = 2.

Ohun tí òmìnira kan yìí túmọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Kí a sọ pé nínú 100 gíráàmù ògùrọ̀ kíkan, nǹkan bí 5 jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lì. Nígbà tí aṣògógóró ti yan 5 yìí, kò tún ní ohun mìíràn láti yàn. Yóò hó ní nǹkan bí 95.5 dígírì, oru àkọ́kọ́ tí ó jáde yóò sì ní bíi 34 ẹ́tánọ́ọ̀lì nínú 100. Oru náà a gba inú ọ̀pá bàbà tí ó la omi tútù kọjá, a sì di ọtí nínú ìgò. Níwọ̀n ìgbà tí ọtí ń sá jáde ju omi lọ, ìpín ọtí inú dúrọ́ọ̀mù ń dín, ìwọ̀n gbígbóná sì ń sún mọ́ 100. Èyí tí ń kán sínú ìgò náà ń di omi lọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tún gbé ọtí àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ 34 nínú 100 kaná, yóò hó ní nǹkan bí 84, oru rẹ̀ yóò sì tó bíi 73. Nítorí náà, ẹni tí ó ní tábìlì ìṣirò lọ́wọ́ lè ka 84 lójú tẹmómítà, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù láìtọ́ ọ wò. Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù láti mọ̀, òǹkà kan sì tó láti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí ìṣirò yìí ti lè gbé ènìyàn ṣubú. Bí a bá ń tún ọtí gbé kaná léraléra, a óò dé ibi tí ìpín inú oru bá ìpín inú olómi mu rẹ́gí, ní 95.6 nínú 100. Ìbáramu yìí jẹ́ ìdè kan lé lórí àwọn ti ìṣáájú, ó sì gbé òmìnira tí ó ṣẹ́ kù lọ. Láti ìgbà náà, ọtí náà ń hó ní nǹkan bí 78.2 láìyẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ìkòkò Òkè-Ajé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí i lè pariwo pé ó ti di ẹ́tánọ́ọ̀lì pátápátá, tí òun náà ń hó ní nǹkan bí 78.3, bẹ́ẹ̀ omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà láti dá a mọ̀ ni pé kí a yí ìtẹ̀ padà: ohun tí ó jẹ́ èròjà kan yóò jáde bí ó ti wọlé, ṣùgbọ́n ìpín 95.6 yóò yẹ̀. Bí ìtẹ̀ bá kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ti afẹ́fẹ́, ìbáramu náà kò tilẹ̀ sí mọ́.

Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀mí ni ó ń gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lì wà nínú rẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lì jẹ́ ọtí mìíràn tí ó máa ń ba ojú jẹ́, tí ó sì máa ń pa ènìyàn, ní 64.7 dígírì ni ó ń hó. Nígbà tí ó bá wọ inú dúrọ́ọ̀mù, èròjà di mẹ́ta: 3 − 2 + 2 = 3. Afẹ́fẹ́ gba ọ̀kan, méjì ṣẹ́ kù, òǹkà kan kò sì lè dáhùn ìbéèrè méjì. Tẹmómítà lè fi 84 hàn fún ọtí tí kò léwu mẹ́tánọ́ọ̀lì, ó sì lè fi 84 kan náà hàn fún èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lì rẹ̀ dín, tí mẹ́tánọ́ọ̀lì sì rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ní kí òṣùwọ̀n tí ń léfòó nínú ọtí ṣe ẹlẹ́rìí kejì, òun náà kò ní ràn wá lọ́wọ́ tó, nítorí pé ìwúwo àwọn ọtí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí ń ya èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ilé àyẹ̀wò ni ó lè sọ òótọ́.

Ìlà Gibbs kì í sọ ìwọ̀n gbígbóná tí nǹkan yóò fi hó, kì í sọ bí yóò ti pẹ́ tó, kì í sì í ka èròjà fún ẹnikẹ́ni. Iye òǹkà tí a ní láti mú kí a tó lè sọ pé a mọ ohun tí ó wà níwájú wa ni ó ń sọ. Ẹni tí ó ka èròjà méjì níbi tí mẹ́ta wà, ìṣirò rẹ̀ lè péye títí dé òpin, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ́ kù tí kò kà ni ó wà nínú ìgò.