Òrùka Ti Wọ̀ Ọ́ Lọ́wọ́: Kí Ni Kí A Kọ Sábẹ́ Fọ́tò?

Fọ́tò ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wò: ọwọ́, òrùka, ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni ojú á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Fún àwọn tó ti ń fẹ́ra lórí fóònù fún ọdún gbọọrọ, iṣẹ́ náà tún le sí i, torí ìtàn kún inú wọn, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wù wọ́n sọ. Instagram fàyè gba lẹ́tà 2,200 lábẹ́ fọ́tò kan, àyè yẹn sì máa ń tan èèyàn. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò wo fọ́tò kọjá lọ kì í rí ju nǹkan bíi lẹ́tà 125 àkọ́kọ́ lọ. Kó tó lè ka ìyókù, àfi kó tẹ "more". Bí ẹ bá fi ọpẹ́ gígùn ṣáájú, ọpẹ́ nìkan ni púpọ̀ nínú wọn máa kà, àwàdà yín á wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò dé. Ẹ fi ọpẹ́ parí rẹ̀. Ọlọ́run ò ní bínú.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn méjì kan ṣe àpẹẹrẹ, èmi ni mo hùmọ̀ wọn. Ọkùnrin náà ń gbé ní Hiúsítìn ní Amẹ́ríkà, obìnrin náà ń ṣe tíṣà ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi fẹ́ra lórí fóònù. Ọkùnrin náà wálé, ó kúnlẹ̀, ó fi òrùka sí i lọ́wọ́. Inú obìnrin náà dùn, ó sì kọ báyìí:

"Ìyà ti parí o! Màmá rẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà, ẹ́ńbásì já wa kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ọkọ mi wọlé ní Fúráìdé, ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún kó tó padà. Mo ti di ìyàwó!"

Ó gbé òrùka náà lé orí páásípọ́ọ̀tù ọkùnrin náà àti ìwé ìwọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, ó yà á ní fọ́tò.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ, ìdùnnú ló sì kọ ọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ láti sọ. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ti ìyá ọkọ ni. Kò ní ṣàìdé etí rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì á kà á fún un, ó sì lè pẹ́ kí ara tó tù wọ́n tí wọ́n bá jókòó pọ̀. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ ń sọ fún ẹni tí kò yẹ kó mọ̀ pé ilé kan ṣófo ní Hiúsítìn títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ti ìwé ìwọkọ̀ ló burú jù. Àmì onílà dúdú tó wà lára rẹ̀ ní orúkọ arìnrìn-àjò àti nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú, fóònù lásán sì lè kà á. Ẹni tó bá ní orúkọ bàbá àti nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ lè wọlé sórí tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kó yí i padà tàbí kó fagi lé e.

Ó wá ku "ọkọ mi" àti "mo ti di ìyàwó". Nílé, àwàdà lásán ni. Àmọ́ bí ọkùnrin náà bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ físà K-1 ni wọ́n máa bèèrè fún. Òfin físà náà ní àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ tíì ṣègbéyàwó. Tí ẹni tí wọ́n pè bá dé ọ̀hún ni wọn yóò ṣe é, láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Láti 2019 ni fọ́ọ̀mù DS-160 sì ti ń bèèrè orúkọ tí èèyàn fi wà lórí àwọn ìkànnì bíi Instagram ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì tó ka "mo ti di ìyàwó" lè bèèrè ọjọ́ wo. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò, torí òfin Nàìjíríà ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí ìgbéyàwó. Kí wọ́n tó ṣe ìdána pàápàá, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gba K-1 kọ́kọ́ bi lọ́yà léèrè. Lábẹ́ fọ́tò, "àfẹ́sọ́nà" ti tó, ó sì dùn lẹ́nu.

Bí a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ló kù? Lójú tèmi, ohun tó dáa jù ló kù. Nǹkan kékeré kan máa ń wà tó jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ra lókèèrè nìkan ló mọ bó ṣe rí, tí kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Fún àwọn méjì yìí, aago ni. Wákàtí méje ni Ìbàdàn fi ṣíwájú Hiúsítìn nígbà òtútù wọn, ó máa ń di mẹ́fà nígbà ooru. Bí obìnrin náà bá jí ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ló lù lọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ó ń lọ sùn. Àtìgbà náà ni ọ̀kan ti ń kí èkejì kú ìjí, tí èkejì ń sọ pé ó dàárọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tún wà níbẹ̀ tó máa ń já síbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Obìnrin náà tún un kọ:

"Ọdún mẹ́rin: bí mo bá ní 'káàárọ̀', òun á ní 'ó dàárọ̀'. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò já. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Àwàdà ti wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kò sì ní kọjá lẹ́tà 125 náà. Kò sí orúkọ ìlú, kò sí ọjọ́ ìrìnàjò, kò sí ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ti sùn lójú fóònù rí á rẹ́rìn-ín. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá" pàápàá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí wọ́n ti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ya fọ́tò kí wọ́n tó gbé e síta.

Bí ẹnì kejì ò bá fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun, àwọn baba wa ti ṣe irú ẹ̀ rí. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tó gbà á. Bí onítọ̀hún bá gbà, owó ẹyọ mẹ́jọ ló máa fi dáhùn, pé àwọn jọ wà níbẹ̀. Fọ́tò owó ẹyọ mẹ́jọ pẹ̀lú òrùka láàárín wọn yóò sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn tí kò mọ̀ á sì máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀.

Kó tó di pé ẹ tẹ "Share", ẹ pe àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín: òbí méjèèjì, ẹ̀gbọ́n, àǹtí tó ti ń fi àdúrà bá yín gbé e. Ìpè ni o, kì í ṣe WhatsApp. Àwọn àgbà kan á fẹ́ kí ẹ dúró títí àwọn mọ̀lẹ́bí á fi ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyẹn sì lè sún fọ́tò náà síwájú fún oṣù mélòó kan. Ẹnì kejì náà gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà kó tó jáde, torí ó lè jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ò tíì mọ̀ pé ó ń gbèrò láti kó lọ.

Ẹ múra sílẹ̀ de ìbéèrè tí ẹnì kan máa bèèrè kó tó tó wákàtí kan: "Ìgbà wo ni ìgbéyàwó? Ta ló máa kó lọ bá ẹnì kejì?" Obìnrin Ìbàdàn wa dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, Àǹtí. Ẹ ṣáà máa tọ́jú owó aṣọ ẹbí." Àǹtí fi ẹ̀rín ránṣẹ́, kò sì bèèrè mọ́.