Látópù tòkunbọ̀: ẹ wo bátìrì, ẹ wo ẹni tó ni ín

Ẹni tó ra látópù tòkunbọ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì n'Íkẹjà, tó sì ti gbé e dé Òkè-Bùkún, ọ̀nà jìn fún un láti dá a padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti sábà máa ń bàjẹ́ ni bátìrì. Òǹtajà á fi ṣájà sí i, á ní ẹ wò ó, ó kún 100%. Kíkún lásán kọ́ la ń wá o. Bí àyè tó kù nínú bátìrì náà ti tó la fẹ́ mọ̀.

Windows fúnra rẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí `cmd`, kí ẹ kọ:

```
powercfg /batteryreport
```

Yóò sọ ibi tó tọ́jú àbọ̀ náà sí. Ẹ ṣí i. Ìlà méjì ni kí ẹ wá. DESIGN CAPACITY ni agbára tí bátìrì ní nígbà tó jẹ́ tuntun. FULL CHARGE CAPACITY ni èyí tó lè gbà báyìí. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000 mWh, tí èkejì jẹ́ 21,000: 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Bí iṣẹ́ yín bá ń jẹ 10,000 ní wákàtí kan, wákàtí méjì àti díẹ̀ lẹ máa rí lò, dípò márùn-ún. Lójú tèmi, tí kò bá tó 60, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tó pè é.

Àbọ̀ yẹn náà lè parọ́, pàápàá bí wọ́n bá ti fi bátìrì ayédèrú sí i. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi fídíò sí i fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá já láti 80 sí 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tó kú pii, bátìrì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun kejì, ìyẹn ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, ló ń dun ènìyàn jù. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ọ́fíìsì òkè òkun ti lò, àwọn mìíràn sì wà lábẹ́ orúkọ ọ́fíìsì náà síbẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa tẹ F2 bó bá jẹ́ Délì, F1 bó bá jẹ́ Tíńkípáàdì, láti wọ BIOS. Bó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí òǹtajà kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ti Tíńkípáàdì, yíyọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ kì í pa á rẹ́.

Títún Windows gbé sí i náà kì í já ìdè ọ́fíìsì. Ohun tó ń pa á mọ́ ni pé òǹtajà ti tò ó láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kó dá ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lójú yín, kí ẹ so ó mọ́ dátà fóònù yín. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan bá yọ, tó ń béèrè ímeèlì ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ náà kò tíì di ti ẹnikẹ́ni lọ́jà. Bí òǹtajà bá kọ̀ láti so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sanwó.