Kí Aláṣọ Wa Tó Gba Ọ̀nà Kánò Lọ

Ẹ̀yin ìyá aláṣọ wa ní Ugbuwangue àti ní gbogbo Warri, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú wa ti ń lọ ra ọjà ní Kantin Kwari, ọjà aṣọ ńlá tó wà ní Kánò. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé aṣọ kò wọ́n nínú ọjà náà, ohun tó lè wọ́n ni kí ojú ọlọ́jà má fẹ́ ọ.

Arábìnrin kan láàrin wa lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìgbà ààwẹ̀ Ràmàdánì ló sì bọ́ sí. Bó ṣe máa ń wọṣọ lọ sọ́jà níbí náà ló ṣe wọṣọ lọ: ṣòkòtò tó fún mọ́ra àti bùláòsì tí kò lápá. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wọ̀, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù kò wo ojú rẹ̀ nínú ọ̀kankan. Ọmọkùnrin tó ń bá a ru ẹrù ni wọ́n ń dá lóhùn, iye tí wọ́n sì kọ́kọ́ pè náà ni wọ́n dúró lé, kò sí ẹni tó bá a ná an. Nígbà tó di ọ̀sán, ebi ń pa á, ó ra ẹ̀pà, ó ń jẹ ẹ́ lọ lójú títì. Ìyá Yorùbá kan tó ti ń gbé Sabon Gari láti ìgbà èwe rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọ inú ilé ìtajà kan, tó bi í pé, "Ọmọ mi, kí lorúkọ rẹ?" Nígbà tó dárúkọ, orúkọ Mùsùlùmí ni. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Háà, gbé ẹ̀pà yẹn sápò kíá."

Kò sí ẹni tó lù ú, kò sí ẹni tó mú un. Àmọ́ ó padà dé pẹ̀lú aṣọ tó kéré sí èyí tí owó rẹ̀ ì bá rà, ó sì bi wá pé kí ni òun ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tí ìyá náà béèrè. Ní ọdún 2000 ni ìpínlẹ̀ Kánò gba òfin Ṣàríà fún ẹjọ́ ọ̀daràn, lẹ́yìn tí Zamfara ti ṣáájú. Ní ọdún 2003, wọ́n fi òfin dá àjọ Hísíbà sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ìwà àwọn Mùsùlùmí láwùjọ, wọ́n sì tún máa ń parí ìjà lọ́kọláya. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Òfin Ṣàríà yìí kò de ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, àfi bí olúwa rẹ̀ bá fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n fi ṣe ẹjọ́ òun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Gúúsù tó ń lọ sí Kánò jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n sì rò pé àlejò ni àlejò ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ilé wa ni Mùsùlùmí. Bí o bá ń jẹ́ Ràfíù tàbí Sìkírátù, wọn kò kà ọ́ sí àlejò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n máa gbójú fò lára ọmọ Ìtsẹkírì tàbí Ùròbò tí ẹ jọ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n lè má gbójú fò ó lára tìrẹ.

Ó kan ọ̀rọ̀ aṣọ. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú níbẹ̀ ni pé aṣọ ìyá wa gan-an ti tó. Ìró tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, bùbá tí apá rẹ̀ dé ọwọ́, àti ìborùn tó fẹ̀ dáadáa: obìnrin tó bá wọ èyí lè rin Kantin Kwari láti àárọ̀ títí di alẹ́. Gèlè nìkan ni kò tó, nítorí gèlè ń bo orí, ó sì ń fi ọrùn àti àyà sílẹ̀. Ìborùn ni kí o fi bo ìyẹn, bí àwọn obìnrin Háúsá ṣe ń lo gyale tàbí mayafi wọn. Obìnrin tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kò ní láti lo híjáàbù, kò sì sí ẹni tó máa retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n máa ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí o lè gbà dán aṣọ rẹ wò kí o tó kúrò nílé. Na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ já aṣọ lórí pẹpẹ, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò nílẹ̀. Bí abíyá, ikùn tàbí ẹ̀yìn bá yọ, pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dúró sójú oòrùn. Bí léèsì rẹ bá ń fi ara hàn, wọ ṣẹ́mí tó lápá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni. Ṣòkòtò péńpé tí kò bo orúnkún àti síńgílẹ́ẹ̀tì tí à ń wọ̀ rìn káàkiri àdúgbò níbí, inú ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí. Bùbá àti ṣòkòtò pẹ̀lú fìlà ti tó, ó sì ń jẹ́ kí àgbà dá ọ lóhùn.

Lẹ́yìn aṣọ, ọwọ́ ló kù. Obìnrin kì í na ọwọ́ sí ọkùnrin láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin. Bí o bá ń sanwó, fi ọwọ́ ọ̀tún san án, tàbí kí o gbé e sórí tábìlì kí olówó mú un. Ìkúnlẹ̀ díẹ̀ tí a fi ń kí àgbà nílẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí wọn, nítorí àwọn náà ń bẹ̀rẹ̀ kí àgbà. "Sannu" ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, "ina kwana" láàárọ̀, "ina wuni" bí oòrùn bá ti yí. Bí oníbàárà rẹ bá pè ọ́ wá sílé, má ṣe wọlé tààrà bí o bá jẹ́ ọkùnrin. Inú yàrá àbáwọlé tí wọ́n ń pè ní zaure ni àlejò ọkùnrin máa ń dúró sí, nítorí àwọn ìyàwó ilé wà nínú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. A mọ bí kéké ṣe ń rí ní Warri, tí ọkùnrin àti obìnrin ń fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Ní Kánò, òfin ọdún 2004 ti sọ pé kí obìnrin má gun ọ̀kadà èrò. Ìjọba sì kó kéké wọlé fún wọn, tí àwọn ará ìlú ṣì ń fi orúkọ ètò ìjọba ìgbà náà pè é títí dòní: a daidaita sahu. Ní ọdún 2013 ni wọ́n fòfin de ọ̀kadà èrò pátápátá nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Hísíbà tún kéde pé láti oṣù kìíní ọdún 2020, kí ọkùnrin àti obìnrin má jọ wọ kéké kan náà. Yálà wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ́jọ́ tí o dé tàbí wọn kò tẹ̀ lé e, ohun tó rọrùn ni kí obìnrin wọ èyí tí obìnrin ti jókòó sí, kí ọkùnrin náà dúró de tirẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀pà arábìnrin wa. Ní tòótọ́, Kùránì yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò kí ó má gbààwẹ̀, kí ó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Arábìnrin wa rin ìrìn àjò, nítorí náà kò dẹ́ṣẹ̀ níbi tó jẹun. Àmọ́ ìta gbangba ni ó ti jẹ ẹ́, ẹni tó rí i kò sì mọ̀ pé ìrìn àjò ló bá wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Hísíbà mú èèyàn 11 ní Kánò nítorí pé wọ́n rí wọn tí wọ́n ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀. Obìnrin kan wà lára wọn, ẹ̀pà ló ń tà, wọ́n ní ó ń jẹ nínú ọjà rẹ̀. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n búra pé àwọn kò ní mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ààwẹ̀ mọ́. Àjọ náà sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nítorí náà, bóyá o gbààwẹ̀ tàbí o kò gbà á, bóyá Kìrìsìtẹ́nì ni ọ́ tàbí Mùsùlùmí, wọ inú ilé lọ jẹun. Omi náà, inú ilé ni kí o ti mu ún.

Ọtí ní òfin tirẹ̀, èyí tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní ọdún 2004. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, Hísíbà fọ́ ìgò bíà tó tó 240,000. Ẹni tó bá ti dé Sabon Gari, tó wà lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ará Gúúsù ti ń gbé láti ayé òyìnbó, yóò rí i pé wọ́n ń tà á níbẹ̀. Kí ìyẹn má tàn ọ́. Má gbé ìgò kúrò níbẹ̀, má sì mu ún tán kí o wá máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wọ àdúgbò mìíràn.

Ohun tí a fi kẹ́yìn ló wúwo jù, ìyẹn ẹnu. Àwa tí a ti Warri wá fẹ́ràn àwàdà, a sì ń fi ẹ̀sìn ara wa ṣeré láìsí ìjà. Ní Kánò, má ṣe fi Ànábì ṣàwàdà, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn lọ́jà, má sì fi ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé ẹjọ́ Ṣàríà kan níbẹ̀ dájọ́ ikú fún ọ̀dọ́kùnrin olórin kan nítorí orin tó fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà ní ọdún 2021, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Mùsùlùmí ni ọ̀dọ́kùnrin náà. Àwọn kan sì wà ní ìhà Àríwá tí àwọn èrò pa kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́ rárá, bó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Sókótó ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Bí iyàn bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí o wà, san owó ọjà rẹ, kí o kúrò níbẹ̀.

Arábìnrin wa ti tún padà lọ. Ìró àti bùbá ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìborùn funfun tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá kan nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ náà ló tà fún un, wọ́n ná ọjà títí ó fi dín owó rẹ̀ kù. Ó ní kò dá òun mọ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí ẹsẹ̀ yín máa re ọ̀nà ire.